Olówó-oṣù, olówó ojúmọ́ àti oníkọmíṣọ́ọ̀nù nínú ìwé owó kan ṣoṣo

Akọ̀wé Burẹ́dì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ burẹ́dì kan n'Íbàdàn ni mo wà, èmi ni mo sì ń ṣírò owó òṣìṣẹ́. Àwa 38 ni. Àwọn 9 tó wà ní ọ́fíìsì ń gba owó-oṣù. Àwọn 22 tó wà nídìí ààrò ń gba ₦3,500 lójúmọ́. Àwọn 7 tó ń gbé burẹ́dì lọ sọ́jà ń gba ₦120,000 lóṣù pẹ̀lú kọmíṣọ́ọ̀nù.

Ṣíìtì kan ni mo bá nílẹ̀, ẹni tó ṣe é sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń yọ 8% owó ìfẹ̀yìntì lórí gbogbo owó tó bá wọlé fún ẹnikẹ́ni. Tó bá kan owó-orí, á sọ owó oṣù yẹn di ìlọ́po 12, á wo iye tó kàn án lọ́dún, á wá pín in padà. Àwọn tó ń gbé burẹ́dì ń pariwo pé owó-orí ń jẹ àwọn jù. Àwọn ará ààrò ò sì lọ ìsinmi rí, torí ẹni tí kò bá tẹ̀ka sára ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, òdo ni ṣíìtì máa ń kọ fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní kí n tún gbogbo ẹ̀ tò kí oṣù Igbe tó parí. Ibo ni kí n ti mú un?

Ọmọ Ṣágámù

Ìyẹn ò le. Yọ àwọn olówó ojúmọ́ kúrò nínú ìwé owó pátápátá, kázúà ni wọ́n. Máa san owó wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n máa fọwọ́ sí fọ́ṣà. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún kázúà, kò sì sí owó-orí, torí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ti ní ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ₦800,000 lọ́dún kò ní san nǹkan kan. Yóò wá ku èèyàn 16 péré fún ọ láti ṣírò.

Má gbàgbé láti yọ 1% lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún àjọ tó ń san gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ o. Ààrò ò ṣeé fi ṣeré.

Tèmi Yé Mi

Ẹ ra sọ́fíwia, kẹ́ ẹ sinmi. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo, a rà á lọ́dún tó kọjá, bọ́tìnì kan la ń tẹ̀, gbogbo owó á jáde. Kí ni ẹ tún ń fi ṣíìtì ṣe?

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin Tèmi Yé Mi, sọ́fíwia tí ẹ rà yẹn, ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ fún un pé orí owó wo ni kó ti máa yọ ohun tó ń yọ. Ní ilé ẹ̀kọ́, gbogbo yín ló ń gba owó-oṣù, ìdí tó fi rọrùn nìyẹn. Ẹ gbé sọ́fíwia yẹn fún Akọ̀wé Burẹ́dì lónìí, àṣìṣe tó wà nínú ṣíìtì náà ló máa kó wọ inú rẹ̀.

Akọ̀wé, orí owó tí à ń yọ nǹkan lé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó wọlé fún èèyàn lóṣù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo lójú òfin. Orí apá kan rẹ̀ la ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì. Gbogbo rẹ̀ ni owó-orí ń wò, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì náà kúrò. Ìsinmi tún ní owó tirẹ̀ tí à ń wò. Ṣíìtì yín ń fi òpó owó kan ṣe gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe òpó mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: owó tó wọlé lápapọ̀, owó tí a ó ti yọ ti ìfẹ̀yìntì, àti owó tó wà fún owó-orí. Ìwé kan náà ni kí gbogbo yín wà, ẹ má pín in sí mẹ́ta. Ọ̀nà tí a ń gbà kún òpó kejì ló máa yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fún àwọn ará ọ́fíìsì, ohun tí òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ ni pé owó tí à ń wò kò gbọdọ̀ kéré sí àpapọ̀ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ á san 8%, ilé iṣẹ́ á san 10%. Owó oúnjẹ ọ̀sán tàbí òfàtáìmù ò sí nínú rẹ̀ àfi tí ìwé àdéhùn yín bá kó o mọ́ ọn.

Fún àwọn ará ààrò, kò sẹ́ni tó pín ₦3,500 wọn sí bésíìkì àti owó ilé. Tí kò bá ti pín, odindi rẹ̀ ni kí ẹ kà.

Àbúrò mi Ọmọ Ṣágámù, ẹ má bínú sí mi. Òfin ìfẹ̀yìntì ò béèrè bóyá ojúmọ́ ni èèyàn ń gba owó rẹ̀ tàbí oṣù. Iye òṣìṣẹ́ ló wò. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọnú rẹ̀, 38 sì ni wọ́n. Tí ẹ bá kó àwọn 22 yẹn kúrò nínú ìwé, wọ́n ṣì wà nínú ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Ní ti ₦800,000, òótọ́ ni pé owó-orí kò sí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ₦3,500 lọ́nà 26. ₦91,000 ni lóṣù, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún. Wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Owó-orí wọn kéré, ṣùgbọ́n ó wà.

Owó gbà-má-bínú tí ẹ dárúkọ, lóòótọ́ 1% ni, àpò ilé iṣẹ́ ló ti ń jáde. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Mo ti rí i nínú ìwé owó àwọn èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń dùn mí, torí ọwọ́ ẹni tó ń gba kékeré ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ọmọ Ṣágámù

Mo gbà lórí 1% yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ńkọ́? Ṣebí kò sí owó-orí fún un rárá?

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Kò sí, ẹ gba ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ẹ̀rọ ṣe lè ṣì í ṣe. Láti 2024 ni iye náà ti di ₦70,000. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ ₦840,000, ó fi ₦40,000 ju ₦800,000 lọ. Tí a kò bá yọ owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni náà, ẹ̀rọ á rí ₦40,000 yẹn, á sì yọ 15% rẹ̀, ₦6,000 lọ́dún lọ́wọ́ ẹni tí òfin ní kó má san. Ẹ fi òpó kékeré kan sí i tí yóò máa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹ má gbójú lé ₦800,000 nìkan.

Àdùkẹ́ Ìdí Ààrò

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe akọ̀wé. Ilé iṣẹ́ burẹ́dì míì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí n'Íbàdàn, ọdún kẹrin rèé. Ní ìparí ọdún, wọ́n máa ń fún wa ní owó ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n á ní owó ìsinmi wa nìyẹn, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. ₦18,000 ni wọ́n fún mi lọ́dún tó kọjá. Mo máa ń gbà á torí owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò sì tí ì jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta léra rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, yàtọ̀ sí ọdún Iléyá. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Lọ́yà Mókólá

Màmá Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ agbára. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ yìí, ní abala 18, sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 léraléra ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, kó sinmi kí owó rẹ̀ sì máa wọlé. Abala yẹn náà ló tún sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ san owó dípò ìsinmi fún ẹni tó ṣì ń bá a ṣiṣẹ́. Ìgbà tí èèyàn bá ń fiṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì lo ìsinmi rẹ̀ ni wọ́n lè sọ ọ́ di owó. Ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ lè jọ fẹnu kò láti sún un síwájú, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní gbèdéke, kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 24 kí ẹ tó lò ó.

Akọ̀wé Burẹ́dì, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Ẹ má fi owó pa á rẹ́.

Akọ̀wé Burẹ́dì

Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ Màmá Àdùkẹ́ wọ̀ mí lára, torí ohun tí ọ̀gá fẹ́ kí n ṣe gan-an nìyẹn, kí n san ọjọ́ mẹ́fà fún wọn kí ó parí.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí ṣíìtì ṣe máa mọ̀ pé èèyàn wà ní ìsinmi. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ló ń fún mi ní iye ọjọ́. Kò sí ìtẹ̀ka, kò sí owó.

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Ẹ jẹ́ kí a mú ìsinmi kọ́kọ́, ká tó padà sí owó-orí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà bá ìwé owó sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ fi ìwé ọjọ́ sáàárín wọn. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà kan: W tó bá wá síbi iṣẹ́, L tó bá wà ní ìsinmi ọdún, S tó bá ń ṣàìsàn tó sì mú ìwé dókítà wá, H tó bá jẹ́ ọjọ́ ọlidé ìjọba, A tó bá pa iṣẹ́ jẹ. Ẹ̀rọ lè kọ W fúnra rẹ̀. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ àwọn yòókù, alábòójútó ààrò á sì fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé owó á wá ka W, L àti S pọ̀ lọ́nà ₦3,500. H náà á wọ̀ ọ́ tó bá jẹ́ pé àdéhùn yín ni pé ẹ ń sanwó ọlidé. A nìkan ni kò lówó.

Àyè tó ṣófo ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣíìtì kọ̀ láti ṣírò owó ẹnikẹ́ni tí ọjọ́ kan bá ṣófo lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín báyìí ni pé àyè tó ṣófo ń di òdo láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó sá níbi iṣẹ́ ti di ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí ẹ fi máa ka oṣù 12 rẹ̀. Ẹ má fi January ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀pẹ á gba ọjọ́ mẹ́fà láìtíì ṣe nǹkan kan.

Àìsàn ní ọjọ́ tirẹ̀, tó 12 lọ́dún. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ ìsinmi.

Tèmi Yé Mi

Èyí wúlò fún mi o. Sọ́fíwia tiwa ń yọ ọjọ́ àìsàn kúrò nínú ìsinmi. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí ni.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè kan síi. Tí olówó-oṣù bá gba àyè láìsí owó, mélòó la fi ń pín owó rẹ̀? Tiwa ń fi 30 pín in. Olùkọ́ kan tó ń gba ₦132,000 ò wá ní Tọ́sìdeè, Fúráìdè àti Mọ́ńdè. ₦13,200 ni wọ́n yọ. Ọ̀gá àgbà ní ó kéré jù.

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Nǹkan méjì ni ẹ pò pọ̀. Tí ẹ bá fi 30 pín in, gbogbo ọjọ́ inú oṣù lẹ fi pín in, Sátidé àti Sọ́ńdè wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ka Sátidé àti Sọ́ńdè tó wà láàárín mọ́ àwọn ọjọ́ tí kò wá. Ọjọ́ márùn-ún, ₦4,400 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦22,000 nìyẹn. Tí ẹ bá fi ọjọ́ iṣẹ́ pín in, ká ní 22 ni, ọjọ́ mẹ́ta, ₦6,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦18,000 nìyẹn. Ẹ̀yin fi ọjọ́ oṣù pín owó, ẹ wá fi ọjọ́ iṣẹ́ ka àìwá. Èmi fẹ́ràn ọjọ́ iṣẹ́, torí òṣìṣẹ́ lè fi ìka rẹ̀ kà á. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ má sì yí i padà torí ẹni tó kàn.

Ó yá, owó-orí. Akọ̀wé, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé burẹ́dì, kí ẹ kọ kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ ti oṣù mẹ́ta síbí. Ẹ má kọ orúkọ.

Akọ̀wé Burẹ́dì

Ẹnì kan wà tó gba ₦30,000 ní Ṣẹ́rẹ́, ó rí àwọn ilé ìtura kan gbà ní Èrèlé, ó gba ₦280,000, kò sì gba nǹkan kan ní Ẹrẹ́nà torí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. ₦120,000 ti oṣooṣù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a fi ₦120,000 nìkan ṣe ti ìfẹ̀yìntì ná, mo máa padà síbẹ̀. ₦9,600 ni 8% rẹ̀. Owó tó wà fún owó-orí wá jẹ́ ₦140,400 ní Ṣẹ́rẹ́, ₦390,400 ní Èrèlé, ₦110,400 ní Ẹrẹ́nà.

Ọdún ni òfin fi ṣírò. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan lórí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15%, ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ 18%, ó sì ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ṣíìtì yín ń ṣe ni pé nígbà tó rí ₦390,400 ní Èrèlé, ó gbà pé bí ọkùnrin yìí á ṣe máa gbà á lóṣooṣù nìyẹn títí ọdún á fi parí. Ó wá tì í sínú 18%. Lórí iye tí a fi ṣírò yìí, ₦52,772 ló máa yọ lóṣù yẹn. Tí a bá fi ₦11,060 ti Ṣẹ́rẹ́ àti ₦6,560 ti Ẹrẹ́nà kún un, ₦70,392 ni.

Bó ṣe yẹ ni pé kí ẹ máa kó owó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní ìparí Ẹrẹ́nà, gbogbo owó rẹ̀ tó wà fún owó-orí jẹ́ ₦641,200. Ìpín oṣù mẹ́ta nínú ₦800,000 jẹ́ ₦200,000. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦441,200, kò tí ì dé ibi tí 18% ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 15% rẹ̀ ni, ₦66,180. Ọ̀nà ti ṣíìtì yín á ti yọ ₦4,212 jù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ní ìdí tó fi ń pariwo.

Fọ́múlà tí èmi ń lò nìyí. B2 ni àpapọ̀ owó tó wà fún owó-orí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, C2 ni iye oṣù tó ti kọjá, D2 ni owó-orí tí ẹ ti yọ ṣáájú oṣù yìí.

```
=MAX(0,MIN(B2,C2*250000)-C2*800000/12)*15%+MAX(0,B2-C2*250000)*18%-D2
```

Kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ń gbà ju mílíọ̀nù kan lọ lóṣù, torí ibẹ̀ ni 21% ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò: fún Èrèlé, B2 jẹ́ 530800, C2 jẹ́ 2, D2 jẹ́ 11060. ₦49,484 ló gbọ́dọ̀ jáde. Tí kò bá jáde bẹ́ẹ̀, ẹ ti fi àmì kan sílẹ̀.

Akọ̀wé Burẹ́dì

₦49,484 ló jáde! Ṣùgbọ́n mo fi dán obìnrin kan wò nídìí ààrò. Ọjọ́ 26 ló ṣe ní Ṣẹ́rẹ́, owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦2,558. Ní Èrèlé, ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, ọjọ́ 18 péré ló wá, ₦63,000. Fọ́múlà ní òdì ₦1,306. Ṣé kí n dá owó padà fún un ni?

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Fọ́múlà ò ṣì í. Ní Ṣẹ́rẹ́, ó fi ojú ẹni tó ń gba ₦91,000 wò ó. Ní Èrèlé, owó rẹ̀ wálẹ̀, ohun tó ti san ti ju ohun tó yẹ kó san fún oṣù méjì lọ.

Èmi máa ń kọ òdo sí oṣù yẹn, mi ò sì ní fọwọ́ kan D2. Ó ṣì wà ní ₦2,558. Tó bá padà ṣe ọjọ́ 26 ní Ẹrẹ́nà, fọ́múlà á rántí, á yọ kékeré. Tó bá di Ọ̀pẹ tí òdì ṣì wà, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ sì dín in kù nínú ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́.

Lọ́yà Mókólá

Níbẹ̀ yẹn, èmi ò fara mọ́ yín tán, Bàbá. Owó obìnrin yẹn ni. Ẹni tó pàdánù ọjọ́ mẹ́jọ nítorí ọmọ rẹ̀, oṣù yẹn gan-an ló nílò ₦1,306 yẹn jù. Tí ilé iṣẹ́ bá ń dín in kù nínú àpapọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, kí ló dé tí wọn ò lè dá a padà lójú ẹsẹ̀?

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Wọ́n lè ṣe é. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni àyẹ̀wò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ bá dé tí wọ́n rí òdì lábẹ́ orúkọ èèyàn mẹ́jọ lóṣù kan, wọ́n á ní kí ẹ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Akọ̀wé, tí ìwé ọjọ́ yín bá dúró dáadáa, tí lẹ́tà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ẹ lè dá a padà, ìwé yẹn á sì gbè yín lẹ́sẹ̀.

Ohun kan tún wà tó lè dín owó-orí wọn kù. Ẹni tó bá ń gbé ilé tó yá, 20% owó ilé tó san lọ́dún á kúrò kí a tó ṣírò owó-orí, kò sáà gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Tí ará ààrò bá ń san ₦150,000 lọ́dún, ₦30,000 nìyẹn, ó dín ₦375 kù lóṣooṣù. Ẹ ní kí wọ́n mú rìsíìtì onílé wá. Kí á kàn fún gbogbo èèyàn láìsí ìwé torí pé ó rọrùn ni mo mọ̀ tó ń kó akọ̀wé sí wàhálà.

Ọmọ Ṣágámù

Ẹ ò tí ì padà sórí kọmíṣọ́ọ̀nù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ fi ₦120,000 ṣírò. Ṣé kọmíṣọ́ọ̀nù ò kí ń ṣe owó ni?

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Ó kàn yín láti béèrè. Akọ̀wé, nígbà tí ẹ ń yọ 8% lórí gbogbo rẹ̀, orí mélòó ni ilé iṣẹ́ ti ń san 10% tirẹ̀?

Akọ̀wé Burẹ́dì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Orí ₦120,000 nìkan ni. Ṣíìtì ń yọ 8% lórí ₦400,000 lọ́wọ́ ẹni yẹn ní Èrèlé, ₦32,000. Ilé iṣẹ́ wá san ₦12,000. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀.

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Ìyẹn ni èyí tó burú jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ti sọ láti àárọ̀. Owó tí ẹ bá fi yọ ti òṣìṣẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi san ti ilé iṣẹ́. Tí kọmíṣọ́ọ̀nù bá wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ jẹ wọ́n ní 10% kọmíṣọ́ọ̀nù. Tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ ti yọ 8% láìnídìí. Owó náà kò sọnù, ó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi ra ìrẹsì lónìí.

Èyí tó yẹ nínú méjèèjì wà nínú ìwé àdéhùn. Tó bá jẹ́ pé ohun tí a kọ ni pé ₦120,000 jẹ́ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀, tí kọmíṣọ́ọ̀nù dá dúró lọ́tọ̀, èmi á dúró lórí ₦120,000.

Lọ́yà Mókólá

Èmi á ṣọ́ra níbẹ̀. Òfin sọ iye tí owó náà kò gbọdọ̀ kéré sí, kò ní kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ₦120,000 bá jẹ́ gidi nínú owó wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ń gba ₦280,000 kọmíṣọ́ọ̀nù lóṣooṣù, tí wọ́n fi ₦120,000 ṣe owó-oṣù kí 10% lè kéré, agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ náà máa rí ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn síbí. Kí ẹ mú ìwé àdéhùn lọ bá PẹnKọm, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó wọn, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀.

Ìbéèrè yẹn náà wà lórí owó ìsinmi wọn. Òfin iṣẹ́ ní ká má ka òfàtáìmù àti àláwàǹsì tí a bá ń ṣírò owó ìsinmi. Kò dárúkọ kọmíṣọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó jẹ́ pé kọmíṣọ́ọ̀nù ni ìdajì owó rẹ̀, tó bá lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tó sì gba ti ₦120,000 nìkan, kò ní fẹ́ lọ mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi ìdá kọmíṣọ́ọ̀nù oṣù mẹ́ta tó kọjá kún un. Àdéhùn ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Àdùkẹ́ Ìdí Ààrò

Mo fi ohun tí Lọ́yà kọ han àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́. A fẹ́ lọ bá máníjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé kí a mú owó ọdún tó kọjá padà fún wọn ni?

Lọ́yà Mókólá

Ẹ má mú nǹkan kan padà, Màmá. Ẹ kàn béèrè ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín máa lọ lọ́dún yìí, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pín ọjọ́ náà láàárín ara yín kó má di pé ààrò ṣófo, ó máa rọrùn fún un láti gbà.

Akọ̀wé Burẹ́dì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ibi tí mo bá a dé rèé. Mo ṣe ṣíìtì tuntun, mo sì fi owó Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ti ọ́fíìsì ò yí padà rárá àfi ti ẹnì kan tó ní òfàtáìmù. Èèyàn márùn-ún nínú àwọn méje tó ń gbé burẹ́dì ló san owó-orí jù. Ìwé ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, alábòójútó ààrò ń ráhùn pé lẹ́tà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́.

Ọ̀gá gbà pé kí èèyàn méjì máa lọ ìsinmi lọ́sẹ̀ kan láti oṣù Èbìbí. Kò tí ì dáhùn lórí 10% kọmíṣọ́ọ̀nù. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀kan. Méjì nínú àwọn tó ń gbé burẹ́dì ń gbé l'Ábẹ́òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti ń fi owó-orí wọn ránṣẹ́ sí látẹ̀yìnwá.

Bàbá Pérọ́ọ̀lù

Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó-orí rẹ̀ ń lọ. Ògùn ni tiwọn. Ẹ lọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ owó-orí Ògùn, kí ti oṣù Igbe lè lọ síbẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Èbìbí. Ti ìfẹ̀yìntì kò dúró de ọjọ́ kẹwàá o, ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó ni. Èyí tó ti lọ sí Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kó rìsíìtì rẹ̀ jọ kí ẹ tó lọ. Ìpínlẹ̀ méjèèjì lè ní kí ẹ san án, ẹ má san lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Akọ̀wé Burẹ́dì

Mo ti ń wá àwọn rìsíìtì náà. Ti Èrèlé ò tí ì hàn. Mo ń lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Túsìdeè.